Kí ló dé tí àwẹ̀ àbúrò mi ní Ábádíìn ń gùn sí i lójoojúmọ́, tí tèmi ní Ìbàdàn dúró sójú kan?

Ìyá Ṣúkúrà
Àṣàlámù àlékùmù o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ábádíìn, lókè Skọ́tílándì lọ́hùn-ún. Nígbà tí Ràmàdánì ọdún 2026 yìí bẹ̀rẹ̀, aago 5:15 ìrọ̀lẹ́ ló ti ń ṣínu, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwẹ̀ ọmọdé ló ń gbà. Ní báyìí tí oṣù ti fẹ́ wọ̀, aago 6:20 ló ń ṣínu, aago 4 òru ló sì ń jẹ sààrì tán. Èmi níhìn-ín, láti ọjọ́ kìn-ín-ní, aago 7 ku ìṣẹ́jú mélòó kan náà ni. Ṣé oòrùn kan náà kọ́ ló ń ràn lórí àwa méjèèjì ni?

Ọmọ Ìwó
Wa àlékùmù sálámù, Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn. Bí àwọn kan bá ti rí oṣù lónìí, tí àwọn mìíràn ní àwọn ò rí i, ó di dandan kí àwẹ̀ yàtọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé ìkéde kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo wa máa tẹ̀ lé.

Ìyá Ṣúkúrà
Ọmọ Ìwó, mi ò bèèrè ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ o, ọmọ mi. Wákàtí tí ebi fi ń pa wá lójúmọ́ ni mò ń bèèrè.

Bàbá Kúdí
Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Apá àríwá ayé máa ń sún mọ́ oòrùn nígbà tí ooru bá mú lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, oòrùn ò sì ní fẹ́ wọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún fi ń gba àwẹ̀ tó gùn ju tiwa lọ. Ọmọ mi tó wà ní Tòróńtò gba èyí tó lé ní wákàtí 17 lọ́dún 2017. Ẹ bá mi kí àbúrò yín, ẹ sọ fún un pé ìyẹn ṣì kéré.

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ìsẹ́yìn)
Bàbá Kúdí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò ṣìnà tán, àmọ́ ti ìsúnmọ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún gan-an ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù, ìyẹn ìgbà tí òtútù ń pa àwọn ará Ábádíìn, tí ilẹ̀ sì ń ṣú wọn mọ́lẹ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Bí ayé ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fà á. Ó fì ní dígírì 23 àti ààbọ̀, kò sì yí ojú ibi tó fì sí padà bó ṣe ń rìn yí oòrùn ká. Ìyá Ṣúkúrà, ẹ wá ọsàn kan, ẹ fi igi ìfọnnu ... ẹ jọ̀ọ́, igi súyà ni mo fẹ́ kọ ... ẹ fi gún un láti ìdí dé orí. Ẹ fi báírò sàmì sí ibi méjì: ọ̀kan sí ìbàdí ọsàn náà, èyíinì ni Ìbàdàn, ọ̀kan sí ìtòsí ibi tí igi ti yọ lókè, èyíinì ni Ábádíìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn, ẹ fi orí igi náà fì sí ọ̀dọ̀ iná, kí ẹ wá máa yí ọsàn náà. Ẹ ó rí i pé àmì ìbàdí ń lo bí ìdajì ìyípo nínú ìmọ́lẹ̀, ìdajì nínú òkùnkùn. Àmì òkè ń pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ó kàn ń yọjú wo òkùnkùn ni, á sì tún jáde. Oṣù kẹfà nìyẹn. Tí ẹ bá wá bọ́ sí òdìkejì iná láìyí ọwọ́ yín padà, orí igi náà á fì kúrò níbi iná, àmì òkè á sì máa pẹ́ nínú òkùnkùn. Oṣù kejìlá nìyẹn. Àmì ìbàdí ò mọ ìyàtọ̀.

Ìbàdàn wà ní bí dígírì 7 sí àríwá agbedeméjì ayé, Ábádíìn wà ní 57. Láti àsùbáà dé ìgbà tí oòrùn wọ̀, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún ní Ìbàdàn jẹ́ bíi wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 50. Èyí tó kúrú jù jẹ́ bíi wákàtí 13 géérégé. Kò tó wákàtí kan tó fi yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Ní ti pé ó ń gùn sí i lójoojúmọ́, oṣù tí a wà yìí ló fà á. Àárín oṣù kẹta àti àárín oṣù kẹsàn-án ni ojúmọ́ máa ń yára yí padà jù lápá àríwá. Ní oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, ó máa ń dà bíi pé ó dúró. Ẹ wò ó: ní ìbẹ̀rẹ̀ Ràmàdánì yìí, àwẹ̀ Ábádíìn kò ju wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 52 lọ. Ní ìparí rẹ̀, ó ti di wákàtí 14 àti bí ìṣẹ́jú 18. Bí ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ nìyẹn. Tiyín ní Ìbàdàn kúrò ní wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 5 sí 13 àti ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 10 láàárín oṣù kan. Ta ló máa kíyè sí i?

Ìyá Ṣúkúrà
Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ti ọsàn yẹn, àwọn ọmọ ò sì jẹ́ kí n rí i jẹ mọ́. Àmọ́ Ṣúkúrà ọmọ mi bèèrè nǹkan kan tí mi ò lè dáhùn. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní ilé ìwé pé ní ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọ̀sán àti òru máa ń dọ́gba káàkiri ayé. Ọ̀la kọ́ tàbí ọ̀tunla ni ogúnjọ́ náà? Tí ọ̀sán bá dọ́gba, kí ló dé tí àǹtí ẹ̀ fi ń gba wákàtí 14 lé, tí àwa ń gba 13 lé?

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ìsẹ́yìn)
Ẹ bá mi fọwọ́ pa Ṣúkúrà lórí. Àwọn tí mo kọ́ fún ọdún 31, ẹni méjì péré ló bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Ọ̀sán dọ́gba lóòótọ́. Láti ìgbà tí oòrùn yọ títí tó fi wọ̀, Ábádíìn àti Ìbàdàn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, bíi wákàtí 12 ni méjèèjì. Àmọ́ àwẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ. Àsùbáà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá tàn gbọọrọ ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà ìlà oòrùn. Lásìkò yẹn oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iye tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe tábìlì ìrun ń lò ni dígírì 18 nísàlẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni pé: báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí oòrùn tó gun dígírì 18 yẹn tán? Ẹni tó bá ti lọ sí Òkè Adó ní Adó Àwáyè á mọ̀ pé ọ̀nà àtẹ̀gùn wà, tó lọ sókè tààrà. Ká ní ẹnì kan wá sọ pé òun ò ní gba àtẹ̀gùn, pé ẹ̀gbẹ́ òkè lòun máa gbà, tó ń fi ìdábùú gùn ún díẹ̀díẹ̀. Òkè kan náà ni, gíga kan náà ni, ìrìn ẹsẹ̀ ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn ń gba àtẹ̀gùn: ó ń jáde tààrà, ó sì ń wọlẹ̀ tààrà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi máa ń ṣú lójijì ní Ìbàdàn, tí ẹ bá pa ojú dé tí ẹ ṣí i, òkùnkùn ti dé. Ní Ábádíìn, ìdábùú ni oòrùn ń gbà. Lọ́sẹ̀ yìí, láti àsùbáà dé yíyọ oòrùn jẹ́ bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 ní Ìbàdàn. Ní Ábádíìn, ó lé ní wákàtí 2. Wákàtí kan tí Ṣúkúrà ń wá, ibẹ̀ ló wà.

Bàbá Kúdí
Tíṣà, mo gbà fún yín lórí ti oṣù kìn-ín-ní yẹn. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ́ mi nígbà yẹn náà ò mọ̀ ọ́n.

Oníkóòdù
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àwẹ̀. Ibi dígírì 18 tí Tíṣà mẹ́nu bà yìí, ibẹ̀ ni wàhálà gan-an wà, ó sì ti jẹ mí níyà rí. Nígbà tí mò ń kàwé ní Skọ́tílándì, wọ́n ní kí n bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ṣe tábìlì ìrun fún odidi ọdún kan. Mo kọ kóòdù rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní dé ìparí oṣù kẹrin, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ibi tí àsùbáà yẹ kó wà, `NaN`, èyíinì ni pé kì í ṣe nọ́ńbà, ni kọ̀ǹpútà ń kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Odidi òru méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ẹ wo ti Ábádíìn ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. `φ` ni ibi tí ìlú wà, 57.15. `δ` ni ibi tí oòrùn dé sí àríwá, 23.44. `h` ni bí oòrùn ṣe jìn sísàlẹ̀ tó, -18. `H` ni ohun tí a ń wá, tí a máa sọ di wákàtí:

```
cos H = (sin h - sin φ × sin δ) / (cos φ × cos δ)
      = (-0.309 - 0.334) / 0.498
      = -1.29
```

Kò sí igun kankan láyé tí kósáìnì rẹ̀ lè kéré ju -1 lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé àkókò tí mò ń bèèrè kò sí. Oòrùn kì í jìn dé dígírì 18 ní Ábádíìn lóṣù yẹn. Tí òru bá jìn jù, dígírì 9 lé díẹ̀ ni oòrùn wà nísàlẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, òru ibẹ̀ kì í dúdú tán. Mo máa ń dúró lójú wíńdò yàrá mi láago 1 òru, màá sì rí i tí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà àríwá ń tàn bí ẹni pé ẹnì kan tan iná sẹ́yìn ilé. Ìrọ̀lẹ́ àná àti ìdájí òní ti wọnú ara wọn.

Kì í sì í ṣe Ábádíìn nìkan. Ìlú tó bá ti kọjá dígírì 48 àti ààbọ̀ sí àríwá máa ń ní irú òru bẹ́ẹ̀. Páríìsì kọjá a díẹ̀.

Mọ́ríyà Pẹ́kàm
Ẹ ṣeun, Oníkóòdù! Ẹ ti bá mi sọ ohun tó ṣe mí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni Ràmàdánì bọ́ sí. Mọ́sáláásí méjì ló wà ní tòsí ilé mi. Mo ní tábìlì ti èkínní lára fíríìjì, ọkọ mi ní ti èkejì nínú fóònù. Lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù náà, mo jí láago 2:30 òru láti gbé ìrẹsì àná kaná. Mo ń jẹ ẹ́ lọ tayọ̀tayọ̀. Ni ọkọ mi bá yọjú, ó ní, "Ṣé o ò gba àwẹ̀ lónìí ni? Àsùbáà ti wọlé láti aago 1:16." Mo fi tábìlì tèmi hàn án: 2:40. Àǹtí kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní 3:40 ni ti àwọn. A jọ ń ṣínu ní aago 9:21 alẹ́ o, kò sí ìjà níbẹ̀. Òwúrọ̀ ni gbogbo ìjà.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá àwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Mo lọ bá ẹni tó ń bójú tó mọ́sáláásí tèmi, ó kàn ní "ẹ tẹ̀ lé tiwa," kò ṣàlàyé kankan.

Oníkóòdù
Àǹtí Mọ́ríyà, èmi á ṣàlàyé rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀sẹ̀ yẹn, oòrùn kì í jìn ju dígírì 15 lọ nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 18 lòun máa lò kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó lo 15 máa rí aago 1:16, torí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ẹni tó lo 12 máa rí 2:40. Ẹni tó ní 3:40 kò wo igun rárá: ó mú gbogbo òru láti 9:21 dé 4:43 tí oòrùn yọ, ó pín in sí ọ̀nà 7, ó fi ìdá kan tó gbẹ̀yìn ṣe àsùbáà. Ìdá kan náà jẹ́ bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 3.

Ní ti àáàpù, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ wá `Calculation method`, kí ẹ tún wá `High latitude rule`. Ibẹ̀ ni fóònù ti ń pinnu fún yín láìbéèrè. Tí àáàpù yín àti tábìlì mọ́sáláásí bá ń já ara wọn nírọ́ nígbà ooru nìkan, tí wọ́n sì ń bára mu nígbà òtútù, ẹ mọ̀ pé ohun tó fà á nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wákàtí kan géérégé ni wọ́n fi yàtọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, aago tí wọ́n sún síwájú ni, kì í ṣe oòrùn.

Mọ́ríyà Pẹ́kàm
Ká ní ẹnì kan ti sọ èyí fún mi ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àmọ́ kí ló dé tí gbogbo wa ò kàn lo àkókò Mẹ́kà kó parí?

Ààfáà Àdúgbò
Bísímílláì. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó dùn mọ́ mi. Ohun tí Àlùkùránì sọ nínú Súrà Bàkárà ni pé kí ẹ máa jẹ, kí ẹ máa mu títí òwú funfun yóò fi hàn yàtọ̀ sí òwú dúdú ní ìdájí. Adíyì ọmọ Hátímù mú òwú méjì lóòótọ́, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń wò wọ́n lóru. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wá ṣàlàyé fún un pé òkùnkùn òru àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, kì í ṣe dígírì. Dígírì wúlò, torí pé kò sí ẹni tó lè rí ìdájí láàárín iná Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ìṣirò ni.

Ní ti ibi tí àmì ti sọnù, hàdíìsì kan wà tí Ìmáàmù Mùsúlímù gbà wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé nígbà Dàjáálì, ọjọ́ kan yóò gùn tó ọdún kan. Wọ́n bi í bóyá ìrun ọjọ́ kan á tó fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Orí "kí wọ́n ṣírò" yìí ni gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá dúró lé.

Àlájà Mọ́ríyà, ní ti Mẹ́kà, mi ò lè bá yín fọwọ́ sí i fún Lọ́ńdọ̀nù. Oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, ó ń yọ níbẹ̀. Tí ẹ bá lo aago Mẹ́kà, ẹ máa ṣínu nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, tí ẹ sì ń fojú rí i. Ìlú bíi Tírómúsò ní Nọ́wè ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Láti ogúnjọ́ oṣù karùn-ún dé nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá. Gbogbo Ràmàdánì ọdún 2015 ló bọ́ sínú ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń lo àkókò Mẹ́kà. Àwọn mìíràn fara mọ́ lílo ìlú tó súnmọ́ wọn jù tí òru àti ọ̀sán ti yàtọ̀ síra.

Mọ́ríyà Pẹ́kàm
Ààfáà, mo gbọ́. Àmọ́ ààfáà tiwa níbí ní kí ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé wákàtí 18 lo ti Mẹ́kà. Onímọ̀ lòun náà.

Ààfáà Àdúgbò
Mo mọ̀ pé àwọn kan wí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá a jà. Èmi sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ ò gbé e kó ṣínu, kó san án padà nígbà tí ọjọ́ bá kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kúkú ní ọjọ́ kúkúrú tí àwa ò ní.

Bàbá Kúdí
Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń sọ pé àwọn ará òkè lè gba àwẹ̀ tó kúrú ju tiwa lọ? Gbogbo ayé mi ni mo ti ń káàánú wọn.

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ìsẹ́yìn)
Wọ́n lè gbà á dáadáa, Bàbá. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún òṣùpá, torí náà Ràmàdánì ń fi bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, ó sì ń gba nǹkan bí ọdún 33 kó tó yí ọdún oòrùn ká. Ẹ̀yin náà á rántí ìparí ọdún 1998, inú ọyẹ́ la ti gba àwẹ̀, ètè wa sán tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 2030, Ràmàdánì máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún òyìnbó kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní àti ní ìparí oṣù kejìlá. Nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn, Ábádíìn máa gba bíi wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 10. Ìbàdàn á ṣì wà lórí 13 rẹ̀. Tó bá wá di bíi 2048, oṣù kẹfà tún dé nìyẹn, àwọn ará Ábádíìn á tún máa wá àsùbáà tí kò sí.

Ìyá Ṣúkúrà
Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ alẹ́ ló wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn. Ó ní tábìlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń kírun lẹ́nu iṣẹ́ ní àlàyé kékeré kan nísàlẹ̀ tí òun ò kà rí, pé 18 ni wọ́n lò títí di ìparí oṣù kẹrin, pé ìdá kan nínú 7 ni láti oṣù karùn-ún. Ó ní òun rò pé àdírẹ́sì ni. Ó tún ní kí n lọ máa múra yẹ̀yẹ́ ti 2030 sílẹ̀, àmọ́ pé òun ló máa ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ Ìwó
Gbogbo èyí dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa wo oṣù lálẹ́ ọ̀la? Torí mo mọ̀ pé ìjà ṣì ń bọ̀.